Kí la fi san owó ọjà tí owó epo ò ká? Nàìjíríà láti ọdún 2015

Ní ọdún 2015, owó tí Nàìjíríà ná sí òkèèrè fi nǹkan bí 15 bílíọ̀nù dọ́là ju èyí tó wọlé fún un láti òkèèrè lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gbọ́ irú ìròyìn yìí máa ń rò pé orílẹ̀-èdè náà ra ọjà, kò sanwó ni. Ṣùgbọ́n kò sí ará Ṣáínà tó máa di ọjà rẹ̀ sínú ọkọ̀ òkun láìmọ ibi tí owó rẹ̀ ti máa wá. Ẹnì kan san gbogbo owó yẹn, tàbí kó gbà láti dúró de tirẹ̀. Ohun tó yẹ ká wádìí ni ẹni tó san án, ohun tó gbà dípò rẹ̀, àti ìgbà tó máa padà wá béèrè.

Ìwé ìṣirò tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi ń ka owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde láàrin wa àti gbogbo ayé ní apá méjì pàtàkì. Ẹ jẹ́ ká pe apá kìíní ní àkáǹtì òòjọ́, nítorí ohun tí orílẹ̀-èdè ń rí nínú iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ àti ohun tó ń jẹ ló wà níbẹ̀: epo rọ̀bì tí a tà, ẹ̀rọ àti àlìkámà tí a rà, owó ọkọ̀ òfuurufú, owó iléèwé àwọn ọmọ tó ń kàwé ní òkèèrè, èrè tí àwọn ilé-iṣẹ́ epo ń kó lọ sí ìlú wọn, èlé orí gbèsè. Owó tí àwọn ènìyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Hiúsítọ̀n ń fi ránṣẹ́ sílé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó pọ̀ gan-an. Nígbà náà ó tó nǹkan bí 20 bílíọ̀nù dọ́là lọ́dún. Ní tèmi, owó yìí ló sàn jù nínú gbogbo dọ́là tó ń wọ Nàìjíríà, torí kò sẹ́ni tó máa wá gbà á padà. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ fi 200 pọ́n-ùn ránṣẹ́ sí ní Abẹ́òkúta kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè kankan.

Apá kejì ni àkáǹtì ohun-ìní àti gbèsè. Bí àjèjì bá wá kọ́ ilé-iṣẹ́ níbí, bó bá ra ìpín-ìdókòwò, bó bá yá ìjọba lówó, ibẹ̀ la ń kọ ọ́ sí. Ibẹ̀ náà la ń kọ dọ́là tí àwa fúnra wa kó pamọ́ sí òkèèrè, àti èyí tó wà nínú àpò ìpamọ́ Báńkì Àpapọ̀. Òfin ìṣirò náà ò ju ẹyọ kan lọ: iye tí àkáǹtì òòjọ́ bá fi dín, iye yẹn gan-an ni apá kejì gbọ́dọ̀ fi dí i. Yálà a ti ta ohun-ìní, tàbí a ti jẹ gbèsè, tàbí a ti fọwọ́ kan ìpamọ́.

Ká mú oníṣòwò kan ní ọjà Alábà ní Èkó, tó kó kọ̀ńténà ẹ̀rọ fíríìjì kan wá láti Ṣáínà, tí owó rẹ̀ jẹ́ 40,000 dọ́là. Bí ọjà náà bá ti gúnlẹ̀ sí Àpápá, àkáǹtì òòjọ́ Nàìjíríà ti dín ní 40,000. Bó bá ti kọ Fọ́ọ̀mù M, ìwé tí a fi ń forúkọ ọjà tó ń bọ̀ láti òkèèrè sílẹ̀, ní báńkì rẹ̀ ṣáájú, tí báńkì sì bá a ra dọ́là lọ́wọ́ Báńkì Àpapọ̀, àpò ìpamọ́ orílẹ̀-èdè ló dín. Bó bá ti ní dọ́là tirẹ̀ ní báńkì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tó fi ibẹ̀ san án, ohun-ìní wa ní òkèèrè ló dín. Bí ẹni tó ta á bá ní kó gbé e ní àwìn, kó sanwó lẹ́yìn 90 ọjọ́, gbèsè wa ló lé sí i. Ọ̀nà kẹrin ló fara sin jù. Ká ní ará Amẹ́ríkà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dọ́là wá ra ìwé gbèsè ìjọba wa nítorí èlé rẹ̀, tí báńkì sì gba dọ́là yẹn fún oníṣòwò wa. Ará Amẹ́ríkà yẹn ló sanwó kọ̀ńténà náà, ìwé gbèsè ìjọba ló sì gbé dání. Oníṣòwò wa san náírà rẹ̀ pé, ó lọ sílé, kò mọ̀ pé ọjọ́ tí àlejò yẹn bá fẹ́ máa lọ, dọ́là náà ló máa béèrè.

Nígbà mìíràn àwọn òǹṣirò kì í rí ibi tí owó gbà. Wọ́n ní ìlà kan fún un nínú ìwé náà, ìlà àṣìṣe àti ohun tó fò wọ́n, òun ni wọ́n fi ń mú kí apá méjèèjì dọ́gba. Ní ilẹ̀ tí dọ́là púpọ̀ ti ń gba ọwọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ìlà yìí lè tóbi, ó sì yẹ kéèyàn wò ó kó tó gba ìṣirò ìyókù gbọ́.

Ohun tó fa ti 2015 ò ṣòro láti mọ̀. Nígbà náà, epo rọ̀bì àti gáàsì ń mú ohun tó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọjà tí Nàìjíríà ń tà sókè òkun wá. Láàárín ọdún 2014, àgbá epo kan ju 100 dọ́là lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní ọdún 2016, ó ti wá sí ìsàlẹ̀ 30. Owó tó ń wọlé já, ṣùgbọ́n ẹnu tó ń jẹun kò dín: búrẹ́dì ṣì nílò àlìkámà, jẹnẹrétọ̀ ṣì nílò dísù, epo bẹntiróòlù gan-an a sì ń rà á wọlé.

Àwọn tó sanwó àlàfo yẹn lọ́dún náà pọ̀. Owó àwọn àjèjì tó wá dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ tó nǹkan bí 3 bílíọ̀nù dọ́là. Irú owó yìí kì í tètè sá, nítorí ẹni tó ti ri ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ ní Àgbárá tàbí Ọ̀tà kò lè fà á tu lálẹ́ ọjọ́ kan. Àpò ìpamọ́ san nǹkan bí 6 bílíọ̀nù: ó tó nǹkan bí 34 bílíọ̀nù ní òpin 2014, ó sì ti dín sí nǹkan bí 28 ní òpin 2015. Ìyókù gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yáni lówó, àwọn tó ní dọ́là ní ìpamọ́ ara wọn, àti ìlà àṣìṣe tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Àlejò tó ń ra ìwé gbèsè ìjọba ló kọ́kọ́ ṣíwọ́. Wọ́n ti ń wá dáadáa láti ọdún 2012, nígbà tí báńkì JP Mọ́gàn ti Amẹ́ríkà fi Nàìjíríà sínú àtòjọ ìwé gbèsè tí àwọn olówó àgbáyé ń tẹ̀ lé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, báńkì náà kéde pé òun máa yọ ọ́ kúrò. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé èèyàn kò lè rí dọ́là rà fàlàlà mọ́ ní ọjà tó tọ́. Èyí ló sábà máa ń ba owó àlejò jẹ́: kì í ṣe èlé kékeré ló ń lé e lọ, ìbẹ̀rù pé ilẹ̀kùn àbájáde lè tì mọ́ òun ni.

Ilẹ̀kùn náà sì ti ń tì lóòótọ́. Báńkì Àpapọ̀ ti jẹ́ kí náírà wálẹ̀ láti nǹkan bí 155 sí 168 fún dọ́là kan ní oṣù kọkànlá 2014, ó sì tó nǹkan bí 197 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2015. Lẹ́yìn náà ó dè é mọ́lẹ̀ síbẹ̀ títí di oṣù kẹfà 2016. Nígbà tí iye náírà kò bá lè yí, tí ìpamọ́ sì ń tán lọ, ohun tó kù ni kí wọ́n máa yan ẹni tó máa rí dọ́là gbà. Ní oṣù kẹfà 2015, Báńkì Àpapọ̀ ka ọjà 41 tí òun kò ní ta dọ́là fún mọ́: ìrẹsì, sìmẹ́ńtì, tòmátì alágolo, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù, títí dórí igi ìtayín. Àwọn oníṣòwò tó wà nínú àtòjọ náà gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣẹ́ owó lọ, àlàfo tó wà láàrin iye ìjọba àti iye títì sì ń fẹ̀ sí i.

Ibí yìí ni ọ̀nà ìsanwó mìíràn ti yọjú, èyí tí kò sẹ́ni tó dúnàádúrà lé lórí: àìsan lásìkò. Àwọn ọkọ̀ òfuurufú òkèèrè ta tíkẹ́ẹ̀tì ní náírà, wọn ò rí dọ́là fi rọ́pò rẹ̀. Ní 2016, owó wọn tó há sí Nàìjíríà tó nǹkan bí 600 mílíọ̀nù dọ́là. Wọ́n ti di ayánilówó ní tipátipá. Ìbéríà ti ilẹ̀ Sípéènì dáwọ́ dúró. Yunáítẹ̀d ti Amẹ́ríkà fi ọ̀nà Èkó sí Hiúsítọ̀n sílẹ̀.

Nígbà tí gbogbo ọ̀nà yìí bá ti dí, ọjà rírà fúnra rẹ̀ ló máa dín. Ọjà tí Nàìjíríà kó wọlé já láti ohun tó lé ní 50 bílíọ̀nù dọ́là ní 2015 sí nǹkan bí 35 ní 2016. Àkáǹtì òòjọ́ ọdún yẹn kò dín mọ́, ó tún ṣẹ́kù díẹ̀. Ẹni tó bá wo ìlà yẹn nìkan lè rò pé ara ti yá. Àmọ́ ọdún yẹn gan-an ni ọrọ̀ ajé sún kì ní nǹkan bí ìdá 1.6 nínú ọgọ́rùn-ún, tí iye ọjà sì fi ohun tó lé ní ìdá 18 gbówó lórí. Ó dùn mí títí di òní pé àwọn kan pe èyí ní àtúnṣe. Ilé tí kò dáná kò ní ra igi, ìyẹn ò sì sọ ọ́ di ilé olówó.

Amẹ́ríkà náà ń ná ju ohun tó ń rí lọ ní ọdọọdún, ó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ tó ti ń ṣe é, síbẹ̀ kò tò lórí ìlà láti rí dọ́là gbà. Dọ́là tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fi jẹ gbèsè, àwọn tó ń tajà fún un sì ń fẹ́ dọ́là yẹn pa mọ́. Nàìjíríà kò lè fi náírà san owó kọ̀ńténà ní Ṣáínà. Nítorí náà, iye àìkájú àkáǹtì òòjọ́ nìkan kò tó láti fi dá orílẹ̀-èdè méjì lẹ́jọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ṣáájú kí ìlà tó gùn, kó wo bí ìpamọ́ ṣe lè ra ọjà oṣù mélòó. Oṣù mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ń kà sí ìwọ̀n tó kéré jù. Kó sì béèrè iye nínú rẹ̀ tó ti jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ní Táílándì ní 1997, dọ́là tó lé ní 30 bílíọ̀nù ló hàn nínú ìwé, ṣùgbọ́n Báńkì Àpapọ̀ wọn ti ṣèlérí ohun tó ju 20 nínú rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún yẹn, wọ́n tú owó wọn, báàtì, sílẹ̀.

Ní Nàìjíríà, ìpamọ́ dín títí dé nǹkan bí 24 bílíọ̀nù ní ọwọ́ ìparí 2016 kó tó gbérí. Ní oṣù kẹrin 2017, Báńkì Àpapọ̀ ṣí ọjà kan tí àwọn àlejò ti lè ta dọ́là ní iye tí àwọn àti olùrà bá jọ fẹnu kò sí. Wọ́n padà, wọ́n sì ń ra ìwé gbèsè tí kì í pé ọdún kan. Àpò ìpamọ́ kún. Àìkájú náà padà ní 2019, owó wọn ló sì ń san apá kan rẹ̀. Nígbà tí kòrónà dé ní 2020 tí epo tún wó lulẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì tún tò lórí ìlà, wọ́n ń dúró de dọ́là.