Oògùn ò mọ́ aláìsàn lára, kòkòrò ikọ́ ife ló yí padà

Bí ikọ́ ife bá kọ̀ tí kò gbóògùn, ohun táwọn èèyàn máa ń sọ ni pé oògùn ti mọ́ aláìsàn náà lára. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kòkòrò ló yí padà, àwọn kan lára wọn sì lè ti yí padà kí aláìsàn tó gbé hóró oògùn kan mì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ihò kan ṣoṣo tí àrùn yìí dá sínú ẹ̀dọ̀fóró lè gba ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù kòkòrò. Nínú wọn, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ni oògùn tó ń jẹ́ aisoniásíìdì ò lè pa, bí ẹyọ kan péré sì ni oògùn kejì, rifampisíìnì, ò lè pa. Kò sí èyí tó lè bọ́ lọ́wọ́ méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi po oògùn mẹ́rin sínú hóró kan fún oṣù méjì àkọ́kọ́, kí wọ́n tó fi méjì parí oṣù mẹ́rin tó kù. Ọgbọ́n gidi ni pípò yẹn, torí kò sẹ́ni tó lè ṣa ọ̀kan lò kó fi ìyókù sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n aláìsàn lè fo ọjọ́. Ká ní oníṣòwò kan ní Nyanya lo oògùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ikọ́ rọlẹ̀, ó wá ń lò ó lọ́jọ́ méjì, ó ń fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́ yẹn, aisoniásíìdì ló ń yára pa kòkòrò jù, nítorí náà àwọn ọgọ́rùn-ún tí kò lè pa ló ń ṣẹ́ kù. Bó bá sinmi, wọ́n á bí sí i. Bí èyí ṣe ń tún ṣẹlẹ̀, wọ́n á di ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù, ẹyọ kan láàárín wọn á sì wà tí rifampisíìnì náà ò lè pa. Bó bá wúkọ́ sí aya rẹ̀ lára, irú kòkòrò yẹn gan-an ni aya á kó, bí kò tilẹ̀ tíì lo oògùn rí.

Ẹ̀rọ GeneXpert lè fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mọ̀ láàárín wákàtí méjì bóyá rifampisíìnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, àfikún oṣù lórí oògùn àtijọ́ kò wúlò. Oògùn mìíràn ni wọ́n á fún un. Tẹ́lẹ̀, ó lè gba oṣù méjìdínlógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó ń di àwọn kan létí. Láti 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí oògùn mẹ́rin tí wọ́n ń gbé mì fún oṣù mẹ́fà: bẹdakuilíìnì, pirẹtománíìdì, linẹsólíìdì àti mọksifilọkisasíìnì. Aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlá kì í lò ó. Linẹsólíìdì lè mú kí ẹsẹ̀ máa ta tàbí kí ẹ̀jẹ̀ dínkù, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò; bẹdakuilíìnì sì lè da lílù ọkàn rú.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n sábà máa ń lo bẹdakuilíìnì lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìyẹn ó di ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, torí ó ń pẹ́ lára fún ọ̀pọ̀ oṣù. Níbẹ̀ ni ewu wà. Bí aláìsàn bá pa gbogbo oògùn tì, mẹ́ta á kúrò lára láàárín ọjọ́ mélòó kan, bẹdakuilíìnì nìkan ni yóò ṣẹ́ kù láti dojú kọ kòkòrò.