Fáàkì: Ímeèlì Tí A Fi Ń Wá Ẹni Tí Yóò Bá Wa Gbé Ilé Ńlá Kan

Ká ní ilé alájà márùn-ún kan wà lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán ní Òṣogbo, tí onílé fẹ́ dójútòfò lórí rẹ̀ nítorí iná, ní ₦4 bílíọ̀nù. Agbára iléeṣẹ́ adójútòfò tó fẹ́ gbà á kò ju ₦200 mílíọ̀nù lọ lórí ilé kan ṣoṣo. Ó ní àdéhùn ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní tríìtì pẹ̀lú àwọn ríìnṣọ́rà, ìyẹn àwọn iléeṣẹ́ tó ń bá adójútòfò gbé ewu. Tríìtì yìí ń bá a gbé ìlọ́po mẹ́sàn-án ohun tó bá dá gbé: ₦1.8 bílíọ̀nù nìyẹn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦2 bílíọ̀nù. ₦2 bílíọ̀nù tó kù kò tíì ní ẹni tó gbé e.

Ìyókù yìí ni à ń wá fáàkì fún. Nínú tríìtì, ohun tó bá ti bá àdéhùn mu ń wọlé fúnra rẹ̀, ríìnṣọ́rà kì í yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú fáàkì, ilé kan yìí nìkan la gbé lọ bá ríìnṣọ́rà. Ó lè gbà, ó lè kọ̀, ó sì lè gba díẹ̀. Nítorí náà, ímeèlì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tó jókòó sí Èkó rí ilé Òṣogbo náà kedere:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. A fẹ́ kí ẹ bá wa gbé 50% gbogbo ewu yìí, ìyẹn ₦2 bílíọ̀nù nínú ₦4 bílíọ̀nù. Iná àti mànàmáná ni a dójútòfò fún, oṣù 12. Prímíọ̀mù jẹ́ 0.15%, ₦6 mílíọ̀nù lápapọ̀. Tiyín jẹ́ ₦3 mílíọ̀nù, a ó yọ kọmíṣọ́ọ̀nù 20%, ₦2.4 mílíọ̀nù ni yóò dé ọwọ́ yín. Àwa fúnra wa gbé 5%, tríìtì gbé 45%. Bíríkì àti kọnkéré ni ilé náà, páànù ló wà lórí rẹ̀. Ìsàlẹ̀ jẹ́ ṣọ́ọ̀bù aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì fóòmù, àjà mẹ́rin tó kù jẹ́ ọ́fíìsì. Jẹnẹrétọ̀ àti dísù wà ní ẹ̀yìn ilé, wọn kò fara kan án. Ìwé àyẹ̀wò, fọ́tò àti àkọsílẹ̀ àdánù ọdún márùn-ún wà pẹ̀lú ímeèlì yìí."

Gbólóhùn tí ọ̀pọ̀ ń fẹ́ fò ni ti fóòmù, torí pé ó lè mú kí ríìnṣọ́rà béèrè owó púpọ̀ sí i. Ẹ má fò ó. Fóòmù a máa tètè gbaná, èéfín rẹ̀ sì burú. Bí ẹ bá kọ "ọ́fíìsì" lásán, tí iná wá bẹ̀rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù, ríìnṣọ́rà lè sọ pé ilé tí ẹ fi hàn òun kọ́ ló jó, kí ó sì kọ̀ láti san. Bákan náà ni àtẹ̀gùn tí kò ní ilẹ̀kùn: ó ń gbé iná láti àjà dé àjà. Ẹ má wulẹ̀ kọ pé iná kò lè jó ju ìdajì ilé lọ, afi bí ògiri tàbí ilẹ̀kùn kan bá wà tó lè dá a dúró.

Ìdáhùn ni ibi tí àṣìṣe ti pọ̀ jù. "A ti rí i, ẹ ṣeun" kò túmọ̀ sí pé ríìnṣọ́rà ti gbà á. Ohun tí à ń wá ni ìdá tí ó gbà, iye owó rẹ̀, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, àti sílíìpù, ìyẹn ìwé àdéhùn fáàkì náà, tí ó fọwọ́ sí. Ká ní ó dáhùn pé òun gba 30%. 20% ṣì wà nílẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ wá ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ti fún onílé ní ìwé rẹ̀ kí ẹ tó rí i, ẹ̀yin lẹ gbé e. Bí iná bá ba dúkìá ₦800 mílíọ̀nù jẹ́, 5% tiyín jẹ́ ₦40 mílíọ̀nù. Fi 20% tí kò lólúwa kún un, ₦160 mílíọ̀nù, ó di ₦200 mílíọ̀nù. Tríìtì kò ní bá yín dá sí èyí, nítorí 45% tirẹ̀ ló mọ̀.

Ẹ tún ka ohun tó tẹ̀lé "a gbà á". Bó bá jẹ́ "bí ẹ bá fi páìpù omi iná sí àjà kọ̀ọ̀kan láàárín ọjọ́ 60", ẹ kọ ọ́ sínú ìwé onílé pẹ̀lú, kí ẹ sì fi ẹ̀rí ránṣẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé. Ohun tí ríìnṣọ́rà béèrè tí onílé kò gbọ́ nípa rẹ̀ ni wàhálà ọjọ́ iwájú. Bí onílé bá sì fẹ́ fi rògbòdìyàn kún ìdójútòfò láàárín ọdún, tàbí kí ó gbé iye ilé sí ₦5 bílíọ̀nù, ímeèlì mìíràn gbọ́dọ̀ lọ, kí ìdáhùn sì dé, kí ẹ tó sọ fún un pé ó ti ṣeé ṣe.