Kí ló ń ti aago Àílà síwá sẹ́yìn l'Óṣogbo?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí Àílà fi wọlé ní 12:26 ní ìbẹ̀rẹ̀ Nòfẹ́ńbà, tó wá di 12:56 ní Fẹ́búárì? Ṣebí Òṣogbo kan náà la wà. Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tún ní tí Júùnù bá dé, àwọn ò rí àsìkò Iṣáì gidi mú. Báwo nìyẹn ṣe jẹ́?

Ìdáhùn: Àbúrò, oòrùn ò mọ aago ọwọ́ wa o. Nígbà tó bá gòkè tán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn ni Àílà wọlé, aago ló ń sá tẹ̀lé e. Ayé ń yí, ìṣẹ́jú 4 ló sì ń gbà kí oòrùn tó ti orí dígírì kan bọ́ sórí èkejì. Aago Nàìjíríà, orí ìlà dígírì 15 ni wọ́n gbé e kà, ìlà yẹn sì ti kọjá Màídúgùrì lọ sápá ìlà-oòrùn. Òṣogbo tiwa wà ní nǹkan bíi dígírì 4 ààbọ̀, torí náà kí oòrùn tó dé orí wa, aago ti lu 12 tipẹ́, ó ti fi bíi ìṣẹ́jú 42 lé e. (Ìdí tí kàlẹ́ńdà tí wọ́n tẹ̀ fún Màídúgùrì fi máa ṣì ẹ́ lọ́nà nìyẹn, Àílà tiwọn fi bíi ìṣẹ́jú 34 ṣáájú tiwa.)

Ìyẹn 42 yẹn kì í dúró sójú kan. Ọ̀nà tí ayé ń gbà yí oòrùn ká kì í ṣe òbíríkítí géérégé, ayé fúnra rẹ̀ tún dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan, torí náà láti ọ̀sán kan sí ọ̀sán kejì kì í pé wákàtí 24 géérégé. Níparí Dìsẹ́ńbà ó ń fi bíi ìdajì ìṣẹ́jú lé e lójoojúmọ́. Kékeré ló jọ, àmọ́ ó ń pọ̀ sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Nòfẹ́ńbà oòrùn ti fi ìṣẹ́jú 16 yá ju aago lọ, yọ ọ́ kúrò nínú 42, ó ku 26. Nígbà tó bá fi máa di àárín Fẹ́búárì ó ti fi 14 pẹ́, fi kún 42, 56 nìyẹn. Fóònù ẹ ò parọ́.

Tó ò bá gbà á gbọ́, ri igi tó gùn ní mítà kan mọ́lẹ̀ lóòró nínú kọ́ḿpáǹdì, máa fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí òpin òjìji rẹ̀ láti bíi 12:15, ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Tó bá kúrú tán tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn padà, Àílà ti wọlé. Ní ìparí Dìsẹ́ńbà òjìji tó kúrú jù yẹn á ṣì tó 61 sẹ̀ǹtímítà, á kọjú sí àríwá. Ní nǹkan bíi ọjọ́ 10 Éépìrì oòrùn gun orí wa gbọnrangandan, òjìji fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ní Júùnù ńkọ́? Ó tún á yọ bíi 28 sẹ̀ǹtímítà, gúúsù ló máa kọjú sí báyìí!

Jọ̀ọ́ kọ ìwọ̀n ọ̀sán yẹn sílẹ̀ torí Alásárì. Alásárì máa ń wọlé nígbà tí òjìji bá gùn tó igi, pẹ̀lú èyí tó ti wà nílẹ̀ lọ́sàn-án. Èmi náà ti ṣì í rí, Dìsẹ́ńbà ni, bí òjìji ṣe pé mítà kan báyìí mo ti dìde kírun, aago 3 ò tíì lù, bẹ́ẹ̀ mítà kan àti 61 sẹ̀ǹtímítà ló yẹ kí n dúró dè, ìyẹn sì di bíi aago 4. Ó lé ní wákàtí kan tí mo fi yá jù, ni mo bá tún un kí.

Ti Lọ́ńdọ̀nù wàyí. Níbí, oòrùn máa ń já wọlẹ̀ ṣánṣán ni, kò ju bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 20 lọ kó tó fi dígírì 18 rì sábẹ́ ilẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á kúrò lójú ọ̀run pátápátá, ọ̀pọ̀ kàlẹ́ńdà sì ń lo 17 tàbí 18 fún Iṣáì. Lọ́ńdọ̀nù jìnnà sí àríwá, dígírì 51 ààbọ̀, oòrùn ibẹ̀ ń wọ̀ ní ìdagun, bí ẹni ń rọra yọ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀. Ní àárín òru Júùnù kì í rì ju bíi dígírì 15 lọ, ojú ọ̀run ò dúdú tán títí Àsùbáà fi dé. Ìdí nìyẹn tí mọ́sálásí kan níbẹ̀ fi máa pín òru sí ọ̀nà méje tí wọ́n á lo ìdá kìíní rẹ̀ fún Iṣáì, tí òmíràn á sì pín in sí méjì.

Níbí, tí áàpù méjì ò bá fẹnu kò lórí Àsùbáà, wo `Calculation Method` nínú méjèèjì. Èyí tó lo dígírì 18, bíi `Muslim World League`, á fi bíi ìṣẹ́jú 12 sí 13 ṣáájú èyí tó lo 15.