Ẹ wọn ìfúnpá màmá lórí ìdúró kẹ́ ẹ tó fi oògùn kún oògùn

Màmá kan ni, ẹni ọdún 83, Òkè-Àró ní Àkúrẹ́ níbí ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú ọmọ wọn obìnrin. Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n dìde lórí bẹ́ẹ̀dì pé àwọn fẹ́ lọ tọ̀, wọn ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tójú wọn fi ṣú, ni wọ́n bá ṣubú, wọ́n forí gbá ilẹ̀kùn. Ọpẹ́ ni pé egungun ò kán. Lọ́jọ́ kejì tí ọmọ wọn mú wọn wá bá mi, ọ̀rá dúdú kan ló gbé dání, ó da gbogbo oògùn màmá sórí tábìlì, ó wá ní: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ká dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yìí dúró ni àbí ká fi kún un? Torí níbi tá a ti ń ra oògùn ládùúgbò wa, wọ́n ní 158 ni ìfúnpá màmá, wọ́n ní ó ga, àwọn ni wọ́n fi ìkẹta yìí kún un, ó ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án báyìí."

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn níbí, torí ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí wọ́n má bi mí. Àwọn kan á máa fi oògùn kún oògùn títí arúgbó á fi ṣubú, àwọn míì á rí i pé ó ṣubú, wọ́n á kó gbogbo oògùn dànù, méjèèjì ló sì léwu.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo ní kí màmá dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mo wọn ìfúnpá wọn, ó jẹ́ 146/72. Kò burú rárá fún ẹni ọdún 83. Mo wá ní kí wọ́n dìde dúró, nọ́ọ̀sì dúró tì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́, aṣọ ẹ̀rọ ìfúnpá ṣì wà lápá wọn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan ó ti di 118/64. Nígbà tó pé ìṣẹ́jú mẹ́ta ó di 112/60, màmá sì di etí tábìlì mú, wọ́n ní "òòyì ti ń kọ́ mi o." Ọmọ wọn ń wò wá, ó yà á lẹ́nu, torí gbogbo ìgbà tí wọ́n ti ń wọn màmá, orí àga ni wọ́n máa ń jókòó sí.

Àwa dókítà sọ pé tí nọ́ńbà òkè bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tí èèyàn dìde, tàbí kí ti ìsàlẹ̀ fi 10 wálẹ̀, ìṣòro wà níbẹ̀. Ti màmá fi 34 wálẹ̀. Ìdí rèé: téèyàn bá dìde, ó tó ìdajì lítà ẹ̀jẹ̀ tó máa ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹsẹ̀ àti ikùn. Ara ọ̀dọ́ á tètè mọ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún, ọkàn á lù kíákíá, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú ó ti bọ́ sí i. Ara arúgbó ò yára bẹ́ẹ̀ mọ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ ti le bíi páìpù rọ́bà tí òòrùn ti pa lórí òrùlé, ohun tó ń ṣọ́ ìfúnpá nínú ọrùn náà ò sì tètè dáhùn mọ́, tí oògùn bá wá tún ti dì í lọ́wọ́ mú, ẹ̀jẹ̀ ò ní tètè dé ọpọlọ, ojú á ṣú, á ṣubú. Ìdájí ló máa ń burú jù, àti lẹ́yìn oúnjẹ tó wúwo, torí ẹ̀jẹ̀ ti lọ kóra jọ síbi ìfun.

Ẹ padà wá síbi ọ̀rá dúdú yẹn, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àmúlódípín 10, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò, ó ti pẹ́. Ọdún tó kọjá ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ẹnì kan wá fún wọn ní Modúrẹ́tìkì kí omi lè lọ lẹ́sẹ̀. Àmúlódípín yẹn gan-an ló ń wú wọn lẹ́sẹ̀ o, pàápàá tó bá ti tó 10, kì í sì í ṣe omi tí oògùn títọ̀ lè fà lọ dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni Modúrẹ́tìkì wá ń mú kí wọ́n máa tọ̀, ó sì ń fa iyọ̀ kúrò lára wọn. Orúnkún tún ń dùn wọ́n, diklofẹ́náàkì ni wọ́n ń rà lójoojúmọ́ láti bí oṣù méjì, diklofẹ́náàkì sì máa ń ti ìfúnpá sókè. Mo fura pé òun ló gbé 158 yẹn dé, òun ni wọ́n sì torí ẹ̀ fi lisinopríl, oògùn ìkẹta yẹn, kún un. Láfikún, Piritón lálaalẹ́ kí oorun lè wá, èyí tó ń mú kí ojú wọn wúwo tí ẹsẹ̀ ò sì dúró ire lóru. Ẹ wò ó, oògùn ń bí oògùn, kò sẹ́ni tó béèrè pé kí ni èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń ṣe.

Mo ní kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Sódíọ̀mù, ìyẹn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 126, ó yẹ kó wà láàárín 135 sí 145. Iyọ̀ tó bá lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nìkan tó láti mú arúgbó máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ẹni mu ọtí, ó sì wọ́pọ̀ lára àwọn màmá tín-ín-rín tó ń lo irú Modúrẹ́tìkì yìí. Kíndìnrín wọn ṣì dáa, pọtásíọ̀mù náà ò ga, inú mi dùn sí i, torí Modúrẹ́tìkì pẹ̀lú lisinopríl lè gbé e sókè, diklofẹ́náàkì pẹ̀lú àwọn méjèèjì sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Lọ́jọ́ náà mo dá Modúrẹ́tìkì dúró, mo dá diklofẹ́náàkì dúró, mo fi parasitamọ́ọ̀lù àti òróró ìfipara rọ́pò ẹ̀, Piritón náà lọ. Àmúlódípín àti lisinopríl mi ò fọwọ́ kàn wọ́n lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ wọn bínú díẹ̀, ó ní ṣé èmi ò rí i pé ìfúnpá ló ń lọ sílẹ̀ ni. Mo rí i. Ṣùgbọ́n tí mo bá yọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní mọ èyí tó ń ṣe wọ́n, ẹ̀jẹ̀ ríru sì lè fò sókè kí n tó tún rí wọn. Èyí tó ń pa wọ́n lára jù ni mo kọ́kọ́ yọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mi ò fi gbọ́dọ̀ dá gbogbo ẹ̀ dúró. Ìwádìí ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní HYVET, ó jáde lọ́dún 2008, àwọn 3,845 tó ti pé ọmọ 80 ọdún sókè ni wọ́n fi ṣe é, àwọn tí ìfúnpá òkè wọn jẹ́ 160 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fún ìdajì wọn ní oògùn, wọ́n fún ìdajì yòókù ní oògùn tí ò ní nǹkan nínú. Ikú látara rọpárọsẹ̀ fi bí 4 nínú 10 dín kù lára àwọn tó lo oògùn, ọkàn tí ò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ mọ́ náà dín kù gan-an. 150/80 sì ni wọ́n ń lé, kì í ṣe 120. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: tí ìfúnpá òkè ẹnì kan bá ti wà nísàlẹ̀ 140 nígbà tó dìde dúró, wọn ò mú un, wọn ò sì mú ẹni tó ń gbé níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń tọ́jú ẹ̀ tàbí tí ọpọlọ ẹ̀ ti ń ra. Àwọn tó ṣì lè gbéra ni wọ́n fi ṣe é. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gbé àbájáde ìwádìí yẹn lé màmá Òkè-Àró yìí lórí bẹ́ẹ̀ láìwo bí wọ́n ṣe ń dìde.

Bàbá kan ní Oǹdó, ẹni ọdún 79, òun náà ṣubú. Àwọn ọmọ wọn ní oògùn ló gbé wọn ṣubú, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ dànù, ọkàn wọn balẹ̀. Lọ́sẹ̀ karùn-ún ni wọ́n gbé bàbá dé, ẹnu ti wọ́, apá ọ̀tún ò lè gbéra, ìfúnpá wọn 204/98. Ìrònú wọn pé tí oògùn bá ti kúrò, ṣíṣubú á kúrò, kò rí bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n fi sílẹ̀ láìtọ́jú máa ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ó sì máa ń jẹ́ kí ìfúnpá túbọ̀ máa já wálẹ̀ téèyàn bá dìde. Àwọn oògùn kan tún wà tí ò ṣeé dá dúró lójijì rárá, bíi atẹnolọ́ọ̀lù, propranolọ́ọ̀lù àti kilonidíìnì, ìfúnpá tàbí ọkàn lè yí padà síni.

Fún ẹni tí ara ẹ̀ ti hẹ́gẹhẹ̀gẹ, tó ń rọra rìn, tó ń di ògiri mú, tí aṣọ ẹ̀ ti ń ṣọ̀ ọ́ lára, tí ò lè dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti ara ẹ̀ sókè, èmi a máa fẹ́ kí nọ́ńbà òkè wà láàárín 130 sí 150 lórí ìjókòó, kó má sì wálẹ̀ ju bí 120 lọ lórí ìdúró, kí òòyì má kọ́ ọ. Tó bá ti ní rọpárọsẹ̀ rí, mo máa ń sún mọ́ 130 tí ìdúró ẹ̀ bá gbà á. Tó bá jẹ́ ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tọ́jọ́ fi ń ṣú, tí kò mọ ọmọ ẹ̀ mọ́, mo máa ń jókòó ti àwọn ọmọ ká sọ ohun tá a ń wá gan-an, oògùn mẹ́ta lè di ọ̀kan.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wò ó nílé, ẹ lo ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé mọ́ òkè apá, ti ọrùn ọwọ́ ò dára tó, kí aṣọ ẹ̀ sì bá apá tín-ín-rín mu, torí èyí tó tóbi jù á pa nọ́ńbà mọ́lẹ̀. Kí ẹnì kan dúró ti màmá. Kí màmá dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ wọ̀n, kí wọ́n dìde, ẹ wọ̀n níṣẹ́jú kan, ẹ wọ̀n níṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. Tí òòyì bá kọ́ wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó, ẹ ti rí ìdáhùn nìyẹn. Ẹ má yọ oògùn kankan fúnra yín, ẹ gbé ìwé náà tọ dókítà lọ, ẹ sì kó gbogbo oògùn dání, tó fi mọ́ àgbo àti èyí tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta oògùn nínú mọ́tò. Ẹni tó bá forí gbá ilẹ̀ tó ń lo oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ fẹ́lẹ́, tàbí tí ojú ẹ̀ wọ́, tí apá ẹ̀ ò dìde, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń lọ́, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ìfúnpá lẹ ó máa wọ̀n.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì màmá padà wá. Iyọ̀ ti di 134. Ìfúnpá lórí ìdùbúlẹ̀ 150/76, lórí ìdúró 131/70. Ẹsẹ̀ ṣì wú, ìgbà yẹn ni mo wá dín àmúlódípín kù sí 5. Wọ́n ti gbé póò sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti so gílóòbù kékeré kan mọ́ ẹnu ọ̀nà, ọmọ wọn sì ti kọ́ wọn pé kí wọ́n jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n máa gbé gìgísẹ̀ sókè-sílẹ̀ títí wọ́n á fi ka 20, kí wọ́n tó dìde. Lọ́sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, 146/74 lórí ìdùbúlẹ̀, 136/72 lórí ìdúró, ẹsẹ̀ ti ń fọn. Wọn ò tíì tún ṣubú. Nígbà tí wọ́n ń lọ, màmá ní kí n dá Piritón àwọn padà torí oorun, mo bẹ̀ wọ́n, mo ní kí wọ́n má bínú, mi ò ní í dá a padà.