Ògiri Àárín Tí A Ń Kà Lẹ́ẹ̀mejì

Láti Kàbà dé Mópà àti Ìsánlú, mo máa ń rí ìṣirò búlọ́ọ̀kù tí wọ́n gbé ka ìgbàgbọ́ kan tó ń bí mi nínú: pé ẹni tó bá ti mọ iye búlọ́ọ̀kù tí yàrá kan ń gbà, kó kàn fi iye yàrá sọ ọ́ di púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú yàrá méjì tó fara kan ara wọn, tí ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà 3.6 níbùú àti lóròó láti inú, èyí tí à ń pè ní ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, tí ògiri búlọ́ọ̀kù ìnṣì 9 rẹ̀ sì ga ní mítà 3. Wọ́n á wọn yàrá kan yípo, á jẹ́ mítà 14.4, ojú ògiri á jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 43.2, wọ́n á ka búlọ́ọ̀kù 10 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á rí 432, wọ́n á sì sọ ọ́ di 864.

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá méjèèjì, ìṣirò yìí sì ti kà á fún èkíní, ó tún kà á fún èkejì. Èsì tí mo máa ń gbà ni pé ojú méjì ni ògiri ní. Bẹ́ẹ̀ ni, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń ka ojú méjèèjì nígbà tí a bá fẹ́ rẹ́ ògiri; ṣùgbọ́n ìlà búlọ́ọ̀kù kan náà ló gbé ojú méjèèjì dúró, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la sì ń mọ ọ́n.

Ògiri gan-an ni kí a tẹ̀ lé. Tí a bá fi nínípọn ògiri mẹ́ta, mítà 0.225 lọ́kọ̀ọ̀kan, kún yàrá méjèèjì, ògiri iwájú àti ti ẹ̀yìn gùn ní mítà 7.875 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ògiri mẹ́ta tó dábùú sáàárín wọn jẹ́ mítà 3.6 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 26.55, ojú rẹ̀ sì jẹ́ 79.65. Tí a bá yọ ilẹ̀kùn méjì àti fèrèsé méjì, tí wọ́n gba 6.66, ó kù bí 73, ìyẹn búlọ́ọ̀kù 730.

Sìmẹ́ńtì àti yanrìn ń tẹ̀ lé búlọ́ọ̀kù. Bí àpò kan bá mọ nǹkan bí 50, 864 á béèrè àpò 18, 730 á sì béèrè 15. Yanrìn náà á dín kù bẹ́ẹ̀, nítorí ìlọ́po mẹ́fà sìmẹ́ńtì là ń pò mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n 50 yẹn kò dúró lójú kan: bí bíríkìlà bá fi àpòpọ̀ sìmẹ́ńtì àti yanrìn tó nípọn ju mítà 0.025 lọ sáàárín búlọ́ọ̀kù, àpò kan kò ní mọ tó bẹ́ẹ̀.

N kò sọ pé ìṣirò àtijọ́ máa ń pọ̀ jù nígbà gbogbo. Fún yàrá kan tó dá dúró, ńṣe ló ń dín, torí pé kò ka igun ògiri: 14.4 ló ń rí níbi tó yẹ kó rí 15.3. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ibi tí ayàwòrán ilé ti wọn 3.6 náà. Bó bá jẹ́ láti àárín ògiri dé àárín ògiri ni, búlọ́ọ̀kù 730 yẹn á di nǹkan bí 683.