Kí Ló Dé Tí 45 Kò Fi Jẹ́ Ìdáhùn?

Ní Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB, kò sí ọ̀sẹ̀ tí n kì í rí àwòrán ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi fóònù yà, tí ẹnìkan sì ti kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí abẹ́ rẹ̀. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹni tó bá ti mọ lẹ́tà tó tọ̀nà ti mọ ìbéèrè náà, àti pé ńṣe ni wọ́n kàn fi ìdáhùn mẹ́ta yòókù dí àyè. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, nítorí inú àwọn mẹ́ta yẹn gan-an ni àṣìṣe máa ń sá pamọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí a wo irú ìbéèrè kan. Awakọ̀ kan fi eré kìlómítà 30 ní wákàtí kan rin ọ̀nà kìlómítà 60, ó sì fi eré kìlómítà 60 ní wákàtí kan gba ọ̀nà kan náà padà. Kí ni ìpíndọ́gba eré rẹ̀? A ni 20, B ni 40, C ni 45, D ni 90. Wákàtí 2 ló fi lọ, wákàtí 1 ló fi bọ̀. Bí a bá pín kìlómítà 120 sí ọ̀nà 3, 40 ni, ìyẹn B. Ẹni tó mú A pín 60 sí ọ̀nà 3, ó gbàgbé pé awakọ̀ náà padà bọ̀. Ẹni tó mú D kàn ro 30 mọ́ 60 ni, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tí kò sá ju 60 lọ kò lè ní ìpíndọ́gba 90.

C ló le. Ẹni tó mú un ro 30 mọ́ 60, ó pín in sí méjì, ìṣirò rẹ̀ kò sì ní àbùkù. Ohun tí kò rí ni pé àkókò tí awakọ̀ náà lò lórí eré 30 jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó lò lórí eré 60, nítorí náà eré tó lọ́ra ló fa ìpíndọ́gba sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ká ní ó sá eré kọ̀ọ̀kan fún wákàtí kan ni, kìlómítà 90 ni ì bá rìn ní wákàtí 2, 45 ì bá sì tọ̀nà. Mo ti yí ìbéèrè náà padà báyìí fún ẹni tó ti há B sórí, B náà ló tún mú.

Níbẹ̀ ni àwòrán ti ń ṣe jàǹbá. Bí etí ìwé bá gé ìlà tó sọ pé ọ̀nà ló dọ́gba, tàbí pé àkókò ni, kò sí ẹni tó lè fi òótọ́ inú yàn láàárín B àti C. N kò sọ pé gbogbo ìdáhùn òdì ló ní irú ìdí báyìí. Àwọn mìíràn lè jẹ́ òǹkà lásán, kò sì yẹ kí a hun ìdí tí kò sí fún wọn. Ṣùgbọ́n bí ìdáhùn kan bá kọ̀ láti ṣubú, ẹ tún àwòrán náà wò kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan, kí ẹ sì bèèrè fún odindi ojú ìwé náà, láti ìlà àkọ́kọ́ títí dé D.