Ibùsọ̀, máìlì àti kìlómítà: ibi tí 1.609 ti wá

Ìwé ìtàn rélùwéè máa ń kọ ọ́ pé ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1901, gùn tó 120. Títì márosẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 1978 ńkọ́? 127.6 ni wọ́n kọ. Ẹni tó bá fi ojú lásán wò ó á ní wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jùra wọn lọ. Bẹ́ẹ̀, máìlì ni ti rélùwéè, kìlómítà ni ti títì. Máìlì 120 jẹ́ kìlómítà 193, nítorí máìlì kan jẹ́ kìlómítà 1.609. Ojú irin yẹn yà gba Abẹ́òkúta, ó sì fi nǹkan bíi kìlómítà 65 gùn ju títì lọ.

Lójú tèmi, ẹsẹ̀ àti ẹrù ni ìwọ̀n ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ wa, ibùsọ̀. Mo gbọ́ "sọ̀" nínú rẹ̀, ohun tí alárùú ń ṣe nígbà tó bá sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀ láti sinmi. Ọ̀nà tó ní òkè púpọ̀ á ní ibùsọ̀ púpọ̀, bí kò tilẹ̀ gùn. Ó ṣeé ṣe kí àwọn baba wa máa ka àárẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń ka ilẹ̀ lọ. Lónìí, àwọn kan ń pe máìlì ní ibùsọ̀, àwọn mìíràn ń pe kìlómítà bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ wádìí èwo ni òǹkọ̀wé ní lọ́kàn.

Àwọn ará Róòmù náà fi ẹsẹ̀ kà á. Ọ̀rọ̀ wọn tó túmọ̀ sí ẹgbẹ̀rún ló di máìlì: ẹgbẹ̀rún ìgbà tí ẹsẹ̀ kan náà bá tún kan ilẹ̀, bíi mítà 1,480. Ní 1593, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di ẹsẹ̀ bàtà 5,280, kí ìwọ̀n oko wọn, tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 660, lè wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ gééré. Ibẹ̀ ni 1.609 tó ń da wá láàmú ti wá.

Àwọn kan á ní kìlómítà tí àwọn Faransé ṣe ní àwọn ọdún 1790 ló bọ́gbọ́n mu jù. Ara ìwọ̀n ayé ni wọ́n ti yọ ọ́. Kò sí ẹsẹ̀ ẹnì kankan nínú rẹ̀.

Ní 1959, àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò, máìlì sì di kìlómítà 1.609344. Nàìjíríà bọ́ sí kìlómítà ní àwọn ọdún 1970. Máìlì Méjì àti Máìlì Méjìlá ṣì wà l'Ékòó.

Bí ìwé méjì bá ta kora, ẹ fi nọ́ńbà kékeré pín ńlá. Bí ìdáhùn bá súnmọ́ 1.6, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀nà kan náà ni, ìwọ̀n ló yàtọ̀. Ẹ má sì yí i padà lẹ́ẹ̀mejì: 120 lọ́nà 1.6 di 192. Ẹ fi 0.62 dá a padà, ó di 119. Máìlì kan ti sọnù, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kan ojú irin.